Bàbá àwọn ọmọ mi dá ọtí dúró lọ́jọ́ Ẹtì, gìrì mú wọn ní ìdájí ọjọ́ Àìkú

Ìyàwó Bírìkìlà · Ọjọ́ Àìkú, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú ìdájí o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá rí jágbajàgba, ara mi ò tíì balẹ̀. Bírìkìlà ni bàbá àwọn ọmọ mi, ọmọ ọdún 46 ni wọ́n. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń mu ògógóró lójoojúmọ́. Tí a bá fi ìgò bíà wọ̀n ọ́n, wọ́n ń mu ìgò kan kí ilẹ̀ tó ṣú, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò lè mú ṣíbí ìkọ́lé dání láàárọ̀ láìkọ́kọ́ gbé tọ́ọ̀tì méjì mì, torí ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n.

Lọ́jọ́ Ẹtì a lọ sí ìsọjí. Wọ́n jáde síwájú, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní fi ọtí kan ẹnu mọ́ láéláé. A délé, èmi fúnra mi ni mo da èyí tó kù nínú ìgò sí gọ́tà. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, níbi iṣẹ́, ni wọ́n ti mu èyí tó kẹ́yìn.

Sátidé, láti nǹkan bí aago márùn-ún àárọ̀, ọwọ́ wọn ò dúró sójú kan mọ́. Òógùn bò wọ́n, wọ́n bì lẹ́ẹ̀mẹta, àyà wọn ń lù kìkì. Mo ní ibà ni, mo bá lọ ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Lóru, oorun ò kùn wọ́n. Bí ọmọ bá fọwọ́ kan ìkòkò lásán, wọ́n á ta gìrì dìde. Nígbà tó di aago mẹ́rin ìdájí yìí, wọ́n ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ara wọn le gbagidi, ojú wọn yí sókè, lẹ́yìn náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìfófòó ń jáde lẹ́nu wọn, wọ́n tọ̀ sára. Mo rò pé á tó ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tó dáwọ́ dúró, wọ́n sùn bí òkú. Wọ́n jí, wọn ò dá mi mọ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Kò sí wárápá nínú ìdílé wọn. Aládùúgbò wa ní àwọn tí wọ́n jọ ń mutí ló fi nǹkan ránṣẹ́ torí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wárápá nìyí? Ṣé ọsibítù ni kí n gbé wọn lọ àbí kí n padà sí ṣọ́ọ̀ṣì?

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìbàdàn · 6:52

Màdámù, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọtí yẹn ló ń wá wọn. Ara wọn ti mọ̀ ọ́n, ẹ sì já a gbà lójijì. Ẹ lọ ra tọ́ọ̀tì kan péré, ẹ fún wọn mu, ẹ ó rí i pé ìgbọ̀n náà á rọlẹ̀ kí ẹ tó ka ọgọ́rùn-ún. Mo ti rí i lójú ara mi ní gáréèjì, kò pé lẹ́ẹ̀kan, kò pé lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá Ọlọ́mọ Mẹ́ta · 6:58

Háà, gìrì kì í ṣeré o! Ọmọ mi ọlọ́dún méjì ní in lọ́dún tó kọjá, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé àgbo ìtọ̀ màlúù wá, mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ọmọ náà lára, ẹ fún un ní parasitámọ̀, kí ẹ sì fi ṣíbí sí àárín eyín rẹ̀ kó má baà gé ahọ́n jẹ. Ọlọ́run á dá a sí fún yín.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin · 7:05

Ìyá, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù nísinsìnyí. Ẹ má dúró de ìsìn àárọ̀. Ẹ lè ka ìyókù nígbà tí ẹ bá ti wà nínú ọkọ̀.

Tí ẹ bá débẹ̀, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ nìyí: wọ́n ń mu ìgò ògógóró kan lójúmọ́, wọ́n dá a dúró pátápátá ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gìrì sì mú wọn ní aago mẹ́rin ìdájí òní. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọtí pamọ́ nítorí ìtìjú. A ti gba aláìsàn kan rí tí ìyàwó rẹ̀ búra pé kì í fẹnu kan ọtí. Odidi ọjọ́ kan la fi ń tọ́jú ibà lára ọkùnrin náà, àfìgbà tí àbúrò rẹ̀ pè wá sí kọ̀rọ̀.

Bí òmíràn bá tún mú wọn lójú ọ̀nà, ẹ yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde, ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí wọn, ẹ sì kó ohun líle kúrò nítòsí. Ẹ má di ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn mú. Ẹ má fi ṣíbí sí wọn lẹ́nu, mo bẹ̀ yín: eyín á kán, á sì wọ ọ̀nà èémí. Ẹ má da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ìbáà ṣe omi, àgbo tàbí tọ́ọ̀tì tí bùrọ̀dá awakọ̀ sọ, torí ẹni tí ojú rẹ̀ ò tíì dá lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa wo aago. Bí ó bá lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn bá dé kí wọ́n tó mọ ẹni tó wà níwájú wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ lọ jókòó de kíláàkì tó ń kọ káàdì.

Màmá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, ọkọ wọn ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ọmọ. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí ẹ kọ̀ yẹn, ire ńlá lẹ ṣe fún ọmọ yín.

Màmá Ọlọ́mọ Mẹ́ta · 7:09

Ẹ dákun, mi ò kà á tán. Ọlọ́run á gba bàbá wọn là.

Ìyàwó Bírìkìlà · 7:12

A ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ ṣé o.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìbàdàn · 8:20

Nọ́ọ̀sì, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ kì í ṣe irọ́. Tí ẹ bá fún ẹni tó ń gbọ̀n lọ́tí, á dáwọ́ dúró. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé òun gan-an ló burú?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin · 9:15

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn.

Ẹ ti dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ata rí. Ẹni tó bá dúró ti ẹ̀rọ ìlọta ní láti máa pariwo kí ẹnìkejì rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, igbe á di ohùn rẹ̀. Wàyí o, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójijì. Ẹnu rẹ̀ ò ní rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, igbe yẹn náà ni á máa ké nínú ilé tó pa rọ́rọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú ọpọlọ. Èròjà kan wà níbẹ̀ tó ń dẹ iṣan lójú, gábà ni wọ́n ń pè é. Èkejì rẹ̀, glutamétì, ló ń ta á jí. Ọtí máa ń gbè lẹ́yìn èyí tó ń dẹni lójú, ó sì máa ń pa èyí tó ń tani jí lẹ́nu mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mutí fi máa ń tòògbé. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tí wọ́n ń fi ọtí kùn lójoojúmọ́ ò ní gbà kóun máa sùn. Á dín agbára gábà kù, á sì fi kún etí tó fi ń gbọ́ glutamétì, kó lè jí ṣiṣẹ́ láàárín ọtí náà. Lọ́jọ́ tí ọtí bá dáwọ́ dúró, kò sí ohun tó ń dẹ ọpọlọ lójú mọ́, gbogbo igbe yẹn sì ṣì wà ńbẹ̀. Ọwọ́ á gbọ̀n, àyà á máa lù, òógùn á bò ó. Bí igbe náà bá wá ya lu gbogbo ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì nìyẹn. Ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kí ọpọlọ tó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, inú àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ewu wà.

Nítorí náà, bùrọ̀dá, tọ́ọ̀tì yín ń ṣiṣẹ́ torí pé ẹ̀rọ lẹ tún tàn padà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò pẹ́ tí á fi kúrò lára, ẹ ò sì mọ ìwọ̀n tí ó tó. Ẹni tí gìrì ti mú, tó ń bì, tí ojú rẹ̀ ò dá, kò ṣeé fi ọtí tọ́jú nílé. Ní ọsibítù, oògùn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí ọtí ń ṣe lára gábà la máa ń lò, dáyásípáàmù ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òun máa ń pẹ́ lára, ó sì máa ń lọ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má wá tìtorí ohun tí mo sọ yìí lọ ra á ní kẹ́míìsì o. Bí ẹni tó gbé e mì bá tún mutí lé e, méjèèjì lè dá èémí rẹ̀ dúró.

Akẹ́kọ̀ọ́ Fámásì · 10:02

Ẹ kú àlàyé, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Àwọn kan ṣì máa ń sọ pé ebi ló ń fa gìrì yìí, pé ọ̀mùtí kì í jẹun. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1955, àwọn dókítà kan ní Lẹ́síńtìnì, ní ìpínlẹ̀ Kẹ̀ńtọ́kì ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun tí kò sẹ́ni tí á gbà kí wọ́n ṣe lónìí. Ọkùnrin mẹ́wàá ni wọ́n ń fún lọ́tí lójoojúmọ́, wọ́n ń bọ́ wọn dáadáa, wọ́n sì ń fún wọn ní fítámì. Lẹ́yìn náà wọ́n dá ọtí dúró lójijì. Àwọn mẹ́fà tó pẹ́ jù lẹ́nu ẹ̀, láti ọjọ́ 48 sí 87, ni ìyà náà dun jù. Gìrì mú méjì nínú wọn, orí mẹ́ta sì dàrú. Wọ́n ń jẹun yó o! Dídá tí wọ́n dá a dúró ló fà á.

Ẹ wò ó, kò tó oṣù mẹ́ta rárá. Ọdún mẹ́wàá ni bàbá yìí fi mu tiwọn.

Bùrọ̀dá Kẹ́míìsì · 10:30

Ohun tó yẹ ni kí ìyá yìí ní kí dókítà kọ oògùn wárápá fún wọn, fẹnitóìnì, kí wọ́n máa lò ó fún ọdún kan ó kéré tán. Gìrì ni gìrì ń jẹ́. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ láìsí i, á tún padà wá.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin · 11:10

Bùrọ̀dá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n ti dán fẹnitóìnì wò lórí irú gìrì yìí, kò dá a dúró ju omi lásán lọ. Ibi tí fẹnitóìnì ti ń ṣiṣẹ́ kọ́ ni wàhálà náà wà.

Bùrọ̀dá Kẹ́míìsì · 11:18

Ẹ̀gbọ́n mi kan mutí gan-an, fẹnitóìnì yìí náà ni wọ́n fún wọn, gìrì ò sì mú wọn mọ́ títí dòní.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin · 11:31

Ṣé ẹ̀gbọ́n yín kò forí gbá nǹkan rí?

Bùrọ̀dá Kẹ́míìsì · 11:40

Wọ́n ṣubú lórí ọ̀kadà ní 2009. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ sì ni gìrì mú wọn, àní nígbà tí ọtí wà lára wọn pàápàá.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin · 11:52

Ó ṣeé ṣe kí tiwọn jẹ́ ọgbẹ́ inú ọpọlọ, tó ń fa gìrì bí ọtí wà bí kò sí. Oògùn wárápá lè tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ méjèèjì pa pọ̀, mi ò lè mọ̀ ọ́n láti orí fóònù. Ìdí nìyẹn tí gìrì àkọ́kọ́ lára àgbàlagbà kò fi yẹ kí wọ́n kàn dá lé ọtí lórí láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó yẹ kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wo ibà, kí wọ́n béèrè bóyá ó ṣubú. Bó bá jẹ́ apá kan ara nìkan ló ń já, tàbí tí ọwọ́ kan rọ lẹ́yìn rẹ̀, èmi ò ní gbà pé ọtí nìkan ni.

Mo Wà ní Pẹ́kámù · 1:25 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Mi ò kì í sọ èyí fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ìyá yìí mú kí ọkàn mi gbọgbẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jáwọ́ nínú ọtí. Nígbà àkọ́kọ́, ọwọ́ gbọ̀n fún ọjọ́ méjì, mo làágùn, ó tán. Mo ní ṣé bó ṣe mọ nìyí? Ó kọjá oṣù márùn-ún, mo padà sídìí ẹ̀. Nígbà kejì, mi ò sùn fún òru mẹ́ta, mo sì ń gbọ́ ohùn ìyá mi tó ti kú nínú ògiri. Orí mi pé o, mo mọ̀ pé wọn ò sí níbẹ̀, síbẹ̀ mò ń gbọ́ wọn. Nígbà kẹta ni gìrì gbé mi ṣubú nínú ilé ìdáná, mo fi àgbọ̀n gbá sítóòfù. Ohun tí mò ń mu ò sì pọ̀ sí i, ìwọ̀n kan náà ni.

Dókítà tó tọ́jú mi ló wá sọ pé gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ń jáwọ́ lójijì tó tún ń padà, ọpọlọ ń kọ́ ọ̀nà gìrì ni, tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbà tó bá tẹ̀ lé e á fi le ju ti ìṣáájú. Wọ́n gbà mí sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní bí kò bá sí ti gìrì, wọn ì bá fún mi ní kápúsù kí n máa lò ó nílé, kí ó máa dín kù lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹni tí gìrì ti mú rí gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú á ti wà lára rẹ̀.

Ìyá, ẹ bi bàbá wọn léèrè bóyá wọ́n ti gbìyànjú àtijáwọ́ rí láìsọ fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe é níkọ̀kọ̀.

Ìyàwó Bírìkìlà · Ọjọ́ Ajé, 12:15 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an ni. Wọ́n gbà wá sí wọ́ọ̀dù lánàá. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jẹ́ 168/104, ọkàn wọn ń lù ní 122 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀. Wọ́n yẹ ibà wò, kò sí ibà. Dókítà ní kí wọ́n kọ́kọ́ gún wọn ní abẹ́rẹ́ fítámì B1, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n sì so omi ṣúgà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní dáyásípáàmù. Gìrì ò mú wọn mọ́. Láàárọ̀ yìí wọ́n mu ògì, wọ́n bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sílé.

Mo bi wọ́n léèrè bí Bùrọ̀dá Pẹ́kámù ṣe ní kí n ṣe. Wọ́n sunkún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí, èmi rò pé àrùn ibà ni nígbà yẹn.

Ṣé mo lè gbé wọn relé? Owó bẹ́ẹ̀dì ń pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin · 12:40

Mo mọ̀ pé owó náà ń dunni, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé wọn kúrò. Ẹ ka wákàtí pẹ̀lú mi láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Gbígbọ̀n ọwọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́fà sí méjìlá. Gìrì máa ń wá láàárín wákàtí mẹ́fà sí 48, tiwọn dé ní wákàtí 35. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tó máa ń dé láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Orí á dàrú, ara á gbóná, ènìyàn á máa rí ohun tí kò sí, kò sì ní mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ohùn ìyá tí Bùrọ̀dá Pẹ́kámù gbọ́ kì í ṣe irú èyí, torí orí tiwọn pé. Èyí tí mò ń sọ yìí ló ń pààyàn tí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, torí ọkàn á rẹ̀, omi á gbẹ lára. Àwọn tí gìrì bá ti kọ́kọ́ mú ló sì máa ń tètè bọ́ sí i. Òní jẹ́ wákàtí 67. Ẹ fún mi ní títí di Ọjọ́rú.

Ọ̀nà tí dókítà fi fún wọn ní B1 dáa. Omi ṣúgà nìkan, tí B1 ò sí lára, lè jẹ ìwọ̀nba tó kù nínú ara tán, ojú á máa yí gbirigbiri, ẹsẹ̀ á máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, iyè á sì lọ, nígbà mìíràn kì í padà mọ́. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá ti lọ sílẹ̀ bíi tiwọn, a kì í dá ṣúgà dúró nítorí B1, pa pọ̀ la máa ń fún wọn.

Ẹ má dá ara yín lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ibà. Ìgbọ̀n méjèèjì jọra. Ti ibà sábà máa ń wá pẹ̀lú òtútù, tí ènìyàn á máa wá aṣọ ìbora. Ti ọtí, ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kó ya ìka, ẹ ó rí i pé orí ìka ló ń jó, òógùn á sì máa bò ó láìsí pé òtútù ń mú un. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ yíyẹ̀wò ló máa fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, torí ènìyàn lè ní méjèèjì.

Ìyàwó Bírìkìlà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Bí ẹ ṣe wí ló rí. Ọlọ́run ló ní kí n má gbé wọn. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ àná ni wọ́n ti ń gbá èèrà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, èèrà tí kò sí. Lẹ́yìn náà wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù sójú òfuurufú, wọ́n ń fa okùn, wọ́n ń pe lébìrà wọn kó gbé sìmẹ́ńtì wá, wọ́n ń bú u pé kò dọ́gba. Wọ́n pè mí ní ìyá wọn. Ara wọn gbóná. Ọkùnrin mẹ́rin ni kò ká wọn. Dókítà tún fi kún dáyásípáàmù wọn láti inú iṣan, díẹ̀díẹ̀, títí ojú wọn fi wálẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì wọ́n, ó ń ka èémí wọn.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀mí ọtí ló ń jáde. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Fámásì · 6:30

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà. Kí wọ́n má ṣáà ní kí ẹ gbé wọn kúrò níbẹ̀.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìbàdàn · 7:15

Èmi ni ẹ̀rù wá ń bà báyìí. Mò ń mu sáṣẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́, mo sì máa ń já ọ̀kan láàárọ̀. Mo ti fẹ́ lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè ní ìparí oṣù. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, Nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin · 9:20

Inú mi dùn pé ẹ béèrè. Ẹni tó mu lọ́jọ́ ìnáwó, tí kò sì mu lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀. Tiyín yàtọ̀. Èyí tí ẹ ń já láàárọ̀ yẹn ni mo fi mọ̀. Ọ̀nà tó dáa jù ni kí ẹ rí dókítà kí ẹ tó gun òkè, kí ẹ sọ iye tí ẹ ń mu gan-an, kí wọ́n sì pinnu bóyá oògùn á wọ̀ ọ́.

Tí kò bá sí dókítà nítòsí, ẹ má dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ka iye sáṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń mu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pín in káàkiri ọjọ́, kí ẹ yọ ìdajì ọ̀kan tàbí ọ̀kan kúrò, kí ẹ dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó tún yọ òmíràn. Bí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí òógùn bò yín, ẹ ti yára jù nìyẹn, ẹ padà sí iye ti àná. Ẹ jẹun, ẹ mu omi. Ẹ má wakọ̀. Èyí kì í ṣe fún ẹni tí gìrì ti mú rí o, tirẹ̀ di ti wọ́ọ̀dù.

Mo Wà ní Pẹ́kámù · 9:48

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò fara mọ́ ọ tán. Mo gbìyànjú dídín kù yìí, ọjọ́ kẹrin ni mo ti mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àfìgbà tí ẹlòmíràn ń mú ọtí náà pamọ́ fún ènìyàn, tó ń fún un níwọ̀n.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin · 10:05

Ẹ ò jẹ̀bi. Bó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ nìyẹn. Àwọn kan sì ti ṣe é yọrí. Ṣùgbọ́n láàárín kó kùnà àti kí gìrì mú awakọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn pẹ̀lú èrò méjìdínlógún lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ èyí tí mo máa yàn.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìbàdàn · 10:31

Ìyàwó mi á bá mi di sáṣẹ́ẹ̀tì náà mú. Mi ò ní wakọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mò ń lọ sí ọsibítù lọ́la.

Ìyàwó Bírìkìlà · Ọjọ́ Àìkú, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú àdúrótì. Ojú wọn dá ní Ọjọ́bọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni ilé ìwé àbíkẹ́yìn wa. Wọn ò rántí èèrà, wọn ò rántí búlọ́ọ̀kù kankan. Àná ni wọ́n dá wa sílẹ̀, pẹ̀lú B1 oníhóró tí wọ́n á máa lò. Wọn ò fún wọn ní oògùn wárápá. Dókítà ní ká ya àwòrán orí nígbà tí owó bá wà, torí gìrì àkọ́kọ́ ni. Mi ò mọ ìgbà tí owó náà máa wà.

Mò ń gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lónìí, mo bá ìgò ògógóró kan níbẹ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti dà á nù, torí dídà tí mo da ti ọjọ́ Ẹtì ló dá gbogbo èyí sílẹ̀. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin · 4:22

Ká ní ọjọ́ Ẹtì ìjọsí lẹ bi mí ni, mo máa ní kí ẹ má tíì dà á, kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọn dé ọsibítù. Ṣùgbọ́n òní pé ọjọ́ kẹsàn-án, ohùn ọpọlọ wọn ti wálẹ̀. Ẹ dà á nù.

Ìyàwó Bírìkìlà · 4:31

Àwọn fúnra wọn ló gbé e lọ sí gọ́tà. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n.